Fídíò Gínì Tí Mo Ń Gbé Padà

Ó kù díẹ̀ kí n lé bàbá kan kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ti ń dì mú kí wọ́n tó bí mi. Mi ò bá wọn jà, mi ò sì sọ̀rọ̀ wọn láìdáa fún ẹnikẹ́ni. Fídíò wọn ni mo ń gbé jáde léraléra, nítorí pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé mò ń ṣe wọ́n lóore.

Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nínú agbo ilé kan tí ilé ti fara ti ilé débi pé aṣọ tí a bá sá sókè lè kán omi sínú ọbẹ̀ aládùúgbò. Alhaja ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá wọn ló fi sílẹ̀ fún wọn. Wọn kì í gba jíǹsì, wọn kì í gba bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì. Aṣọ ńlá ni tiwọn: léèsì funfun, agbádá, aṣọ òkè, àti gínì, aṣọ líle yẹn tó máa ń dán gbinrin bí wọ́n bá fi sítáàṣì sí i tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọbìnrin méjì ló ń fọ̀ ọ́, Bàbá ló ń lọ̀ ọ́. Ayé ìyá Alhaja ni Bàbá ti dé ibẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ wọ́n, irùngbọ̀n wọn ti funfun tán, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé áyọ́ọ̀nù lé gínì, wàá dúró wò ó ni.

Ọmọ Láfíàjì lèmi. Ilé àwọn ìyá ìyá mi ni mo ń gbé, ilé onígi àtijọ́ tí gbogbo wa ń sọ lọ́dọọdún pé a máa tún ṣe. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bójú tó pèèjì àwọn ọlọ́jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mẹ́ta ni mo ní nígbà yẹn, ti Alhaja ni mo sì fẹ́ràn jù, nítorí mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, àti nítorí pé nǹkan tí wọ́n mọ̀ kì í gbó. Ẹni tó ń ta bàtà, ọ̀sẹ̀ tó bá tà á tán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń yọ epo pupa kúrò lára léèsì, bó ṣe jẹ́ lónìí náà ni yóò ṣe jẹ́ lọ́dún mẹ́wàá òní. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èèyàn lè gbé e jáde lónìí, kó tún gbé e jáde nígbà mìíràn, òótọ́ náà ni. Ibẹ̀ ni mo ti gbé ìwà ọ̀lẹ mi wọlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi jókòó tì wọ́n. Mo bi Alhaja ní ìbéèrè títí wọ́n fi ní ẹnu ń ro àwọn. Mo ya fọ́tò, mo ya fídíò ọwọ́ Bàbá níbi tí wọ́n ti ń lọ gínì aláwọ̀ ewé kan. Mo kó ẹ̀kọ́ méjìlá jọ: epo pupa, òógùn abíyá, lọ́fínńdà tó ń ba léèsì jẹ́, bí a ṣe ń ká aṣọ òkè kó má baà kán, àti àwọn yòókù. Mo wá to gbogbo rẹ̀ sínú ohun tó máa ń bá èèyàn gbé ọ̀rọ̀ jáde fúnra rẹ̀: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀, Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀. Mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó parí. Bó bá ti parí, kó padà síbẹ̀rẹ̀. Mo káwọ́ lẹ́rán, mo sì ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Ìyípo àkọ́kọ́ dùn. Ìkejì náà ò burú. Nígbà tó di ìkẹrin, ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò léèsì tó ní àbàwọ́n pé, "Epo ti dé o, oṣù ti parí." Ẹlòmíràn fi ẹ̀rín tẹ̀ lé e. Láti ìgbà yẹn, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Màrínà, oníbàárà wa àtàtà, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àpò aṣọ lọ́wọ́, ó sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ fọ́tò epo láìwo ìwé.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé epo ta sí yín láṣọ? Ẹ má fi omi gbígbóná kàn án o!" Ó yí sí mi. "Aunty, I don cram am. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òmíì fún wa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín aláìnítìjú. Nígbà tí mo délé, mo wo pèèjì náà dáadáa, mo rí i pé àwọn tó ń tẹ̀ lé wa ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù gan-an kì í dúró mọ́. Wọ́n á rí fọ́tò epo, wọ́n á fi ìka tì í sókè.

Alhaja ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n pè mí jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì tí wọ́n ti ń gba aṣọ.

"Bí ẹnì kan bá ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá nílé ẹ̀, mo máa gba ọ̀nà ibòmíì ni," wọ́n ní. "Dín in kù. Pàápàá ti gínì yẹn. Bí mi ò bá rí ìyàtọ̀ kí Iléyá tó dé, jẹ́ ká pa pèèjì yẹn dé. Ẹnu làwọn ìyá wa fi polówó."

Mo gbọ́ "dín in kù". Mo gbọ́ "pa á dé", èyí tó túmọ̀ sí pé kí n lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ti gínì tó wà láàárín, etí mi kọjá lórí rẹ̀. Mo rò pé àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n fi ṣe.

Mo padà sídìí iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé. Ohun àkọ́kọ́ tó yé mi ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé wa ló ń rí gbogbo ohun tí a bá gbé jáde. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì rí ọ̀rọ̀ epo yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó ń wọlé tuntun náà wà, ọ̀rọ̀ àtijọ́ sì ni ọ̀rọ̀ tuntun fún wọn. Nítorí náà, kí èèyàn tún ọ̀rọ̀ gbé jáde kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó máa ń sú ni àwọn tó sún mọ́ wa jù, àwọn tó ń yẹ pèèjì wò lójoojúmọ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn wa. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń fìyà jẹ.

Mo wá kó ẹ̀kọ́ jọ sí i. Mo tún jókòó ti Alhaja, mo jókòó ti àwọn ọmọbìnrin tó ń fọṣọ, títí ẹ̀kọ́ fi di ọgbọ̀n. Mo la ìwé onílà sórí kọ̀ǹpútà mi, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: ọjọ́ tó jáde kẹ́yìn, irú aṣọ tó ń sọ nípa rẹ̀, bí àwọn èèyàn ṣe gbà á, àti ọjọ́ tó lè padà. Nínú mẹ́ta tí à ń gbé jáde lọ́sẹ̀, mo ní ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun pátápátá, aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Méjì lè jẹ́ àtijọ́. Ọgbọ̀n ẹ̀kọ́, méjì lọ́sẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tún rí ọ̀kan. Léèsì ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé léèsì. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì fẹ́ padà, kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tó wọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo máa ń yí gbólóhùn àkọ́kọ́ padà, mo máa ń ya fọ́tò mìíràn. Èyí tó jẹ́ fídíò tẹ́lẹ̀, mo lè sọ ọ́ di fọ́tò mẹ́rin, tàbí kí n fi ṣe ìbéèrè kí àwọn èèyàn fúnra wọn dáhùn. Mo tú àwọn wákàtí náà ká, ọ̀kan láàárọ̀, òmíràn ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ Màrínà ń dúró de ọkọ̀.

Ohun kan tún kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní oṣù Ràmàdáánì, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan jáde láìjẹ́ pé mo tún un kà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ pé aago méje alẹ́ la máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀, aago márùn-ún ni Alhaja ń tì í ní oṣù ààwẹ̀. Obìnrin kan gbé agbádá ọkọ rẹ̀ wá lẹ́yìn iṣẹ́, ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Ó pè mí, ó bú mi, ó tọ́ sí mi. Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo máa ń ka gbogbo èyí tó fẹ́ jáde ní ọ̀sẹ̀ náà, bí ẹni ń ṣa ìrẹsì: ṣé òótọ́ ṣì ni, ṣé àkókò rẹ̀ nìyí, ṣé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tó máa mú kó dà bí àìmọ̀wàáhù. Bí wọ́n bá sin èèyàn ní agbo ilé wa, mo máa ń dá gbogbo rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó bá sì jáde lẹ́ẹ̀mejì tí ẹnikẹ́ni ò yà sí i, mo máa ń gbé e jù sílẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́. Oṣù méjì kò tíì pé tí yẹ̀yẹ́ epo fi tán. Obìnrin báńkì yẹn fúnra rẹ̀ fi ẹ̀kọ́ lọ́fínńdà ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò mọ̀ pé ó ti rí i rí. Inú mi dùn débi pé mo ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò bi mí. Iléyá ṣì jìnnà díẹ̀, Alhaja ò sì sọ̀rọ̀ pípa pèèjì dé mọ́.

Ṣùgbọ́n mo fi ohun kan sílẹ̀ tí mi ò jẹ́ kó tẹ̀ lé òfin. Fídíò gínì ni. Òun ló ń mú àwọn èèyàn wá jù. Bàbá á wọ́n omi sára aṣọ náà, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, wọ́n á wá fa áyọ́ọ̀nù láti èjìká dé ẹsẹ̀ láìdúró, aṣọ á sì máa dán tẹ̀ lé wọn. Ojú wọn kò hàn nínú rẹ̀, ọwọ́ nìkan. Àwọn èèyàn tó wà lókè òkun ń kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé ọkàn àwọn balẹ̀. Mo wá ní, èyí kò lè sú wọn. Mo gé e sí mẹ́rin: ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ibi omi, ọ̀kan láti ibi èjìká, ọ̀kan ní ohùn Bàbá, ọ̀kan kò ní. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn á jáde. Kò sí ẹni tó ṣe yẹ̀yẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, gínì ń wọlé.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, bàbá inú video yẹn ni kẹ́ ẹ fún o," ni wọ́n máa ń wí. "Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án."

Bí mo bá jíṣẹ́ náà fún Bàbá, mo máa ń retí kí wọ́n yọ̀. Wọ́n á mi orí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé fídíò míì ò sí lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Bàbá, tiyín làwọn èèyàn ń fẹ́. Ẹ ti di gbajúmọ̀."

"Gbajúmọ̀ kẹ̀?" Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo rò pé ìtìjú àgbà ni. Mo tilẹ̀ fi ṣe àwàdà fún àwọn ọmọbìnrin tó ń fọṣọ pé Bàbá ń sá fún òkìkí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fídíò náà tún jáde, mo sì bá Bàbá lórí àga lẹ́yìn tábìlì wọn, áyọ́ọ̀nù tútù níwájú wọn, gínì mẹ́fà lórí ìkọ́.

"Bí Iléyá bá ti kọjá, mo fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Ìkòròdú," wọ́n ní. "Mo ti lọṣọ tó."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ta ni wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún. Mo yíjú sí Alhaja kí wọ́n bá mi dá sí i, Alhaja sì ń ka owó ṣẹ́ńjì tí wọ́n ti kà tán. Mo bínú sí wọn. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn olówó kò mọyì èèyàn, pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ìyá àti ọmọ fẹ́ lọ, ẹni kan ò sì ní kó dúró. Mo wá pinnu pé èmi ni màá dá Bàbá dúró. Mo ní tí wọ́n bá rí bí àwọn èèyàn ṣe nífẹ̀ẹ́ wọn tó, wọn ò ní lọ. Kí ni mo ṣe? Mo fi fídíò náà sí Jímọ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà tó yẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, mo tún padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án láti ya fọ́tò tuntun. Wọ́n ti pe ìrun Alásárì, Bàbá ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn ọmọbìnrin wà lókè níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Mi ò rí Alhaja níbi tábìlì. Mo gbọ́ ìró omi tó ń bá irin gbígbóná pàdé nínú yàrá ẹ̀yìn, mo sì ṣí ilẹ̀kùn.

Alhaja ló dúró nídìí áyọ́ọ̀nù. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò rí i kí wọ́n di áyọ́ọ̀nù mú rí. Wọ́n ti ká ọwọ́ aṣọ sókè, awò ojú wọn ti sún sí orí imú, gínì aláwọ̀ sánmà kan sì wà níwájú wọn. Mo mọ aṣọ náà. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, tó ní bàbá inú fídíò ni kó lọ̀ ọ́. Bàbá sì ti lọ̀ ọ́ láàárọ̀, ojú mi ló ṣe.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn," Alhaja ní.

Mo tì í. Mo béèrè ohun tó ṣe aṣọ náà. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ purọ́, mo rí i lójú wọn. Wọ́n wá na apá aṣọ náà sí mi. Ibi tí wọn ò tíì dé ní àmì wẹ́wẹ́, ìlà kékeré tó wọ́ sọ́tùn-ún sósì, bí ìgbà tí ọwọ́ ò dúró lójú kan.

"Kò pẹ́ lẹ́yìn tó o ya fídíò yẹn ni ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n," wọ́n ní. "Léèsì, o ò lè mọ̀ ọ́n. Agbádá, wọ́n ṣì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n gínì kì í bo àṣírí. Tí wọ́n bá ti lọ kírun, mo máa ń tún un lọ̀."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Tẹ́lẹ̀, méjì lọ́sẹ̀ ni, bóyá mẹ́ta. Àfìgbà tí ìwọ bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọwọ́ wọn káàkiri ayé." Wọ́n nu ojú. "Mo sọ fún ẹ kó o dín ti gínì kù. O lọ dín gbogbo nǹkan yòókù kù."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ọmọ Èkó ò gbọ́dọ̀ béèrè.

"Kí n máa sọ ọ́ fún ọmọ tí mo gbà síṣẹ́ pé Bàbá ò lè lọṣọ mọ́? Bàbá tó kọ́ èmi gan-an? Ṣé màá wá lé wọn ni? Wọn ò mọ̀ pé mo mọ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè ya fọ́tò kankan. Mo jókòó sí ẹnu àtẹ̀gùn agbo ilé, mo ṣí fóònù mi, mo yọ fídíò tó fẹ́ jáde ní Jímọ̀ kúrò. Mo yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú gbogbo ohun tó ń bọ̀. Èyí tó ti wà lójú pèèjì náà, mo fi í pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má tún rí i. Mo wá kọ ìdáhùn kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá tún béèrè bàbá inú fídíò: ṣọ́ọ̀bù wa ló ń lọ gínì, ọwọ́ gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà mí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo ti fi oṣù mẹ́jọ ṣe ti ìbàjẹ́.

Ọjọ́ kejì, mo lọ bá Bàbá kí wọ́n tó dáná sí áyọ́ọ̀nù. Mi ò fẹ́ tú àṣírí Alhaja. Mo kàn kúnlẹ̀, mo ní mo ti yọ fídíò náà, kò ní jáde mọ́, kí wọ́n má bínú pé wọ́n sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí mi ò gbọ́.

Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú mi. Ó ń gbọ̀n, kì í ṣe púpọ̀, bí ìgbà tí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítòsí tábìlì.

"Gbogbo ìgbà tó bá ti jáde," wọ́n ní, "àwọn ọmọ agbo ilé wa á sáré wá pè mí. 'Bàbá, ẹ tún ti dé o!' Wọ́n á gbé fóònù sí mi lójú. Màá wá máa wo ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ mi ni, ṣùgbọ́n mi ò ní in mọ́. Lọ́jọ́ kejì, aṣọ tuntun á dé: ti ọwọ́ inú fídíò ni wọ́n ń bèèrè, èmi ni wọ́n bá nílé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ti ka gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ wa lè sú, mo ka àwọn tó wà ní Màrínà, mo ka àwọn tó wà lókè òkun. Mi ò ka ẹni tó jókòó ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí mi.

"Dìde, má sunkún," Bàbá ní. "Ìwọ kọ́ lo bà mí nínú jẹ́ jù. Alhaja ni mò ń ro. Bí gínì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ fún wọn."

Mo gbé ojú sókè.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Èmi ni mo kọ́ wọn. Apá òsì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ká, èmi, apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀. Wọn ò fẹ́ kójú tì mí, mi ò sì fẹ́ kójú ti àwọn náà. Bí mo bá ti kí Alásárì tán, màá jókòó sí mọ́ṣáláṣí, màá máa fa tẹ̀síbà. Ẹsẹ̀ á máa ro mí. Mò ń dúró kí wọ́n lè parí ni. Ìgbà tó wá di pé wọn ò lè parí mọ́ ni mo ní kí n kúkú máa lọ sí Ìkòròdú."

Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí n má sọ ọ́. Mo rò ó títí di ọ̀sán. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, lẹ́yìn Iléyá Bàbá á di ẹrù wọn, Alhaja á sì máa rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n lásán. Mo lọ bá Alhaja nídìí tábìlì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bí Bàbá ṣe sọ ọ́, láti orí ọwọ́ dé orí tẹ̀síbà.

Alhaja yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú. Wọ́n wá dìde, wọ́n gbé àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìlọṣọ, níwájú gbogbo wa, wọ́n sì gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Bàbá.

"Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ máa wò mí. Níbi tí mi ò bá ti ṣe é dáadáa, ẹ sọ̀rọ̀."

Bàbá dúró. Mo rò pé wọ́n á jáde lọ. Wọ́n wo àga, wọ́n wo Alhaja, wọ́n wá jókòó díẹ̀díẹ̀. Alhaja wọ́n omi sí gínì, wọ́n fa áyọ́ọ̀nù láti èjìká, kò sì pẹ́ tí Bàbá fi pariwo.

"Má dúró! Ta ló ní kó o dúró níbẹ̀? Fà á lọ!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn fọwọ́ bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ "o" sí Alhaja nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Alhaja ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," wọ́n sì fà á lọ.

Mi ò ya fídíò rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, ìmọ́lẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n mo fi í sínú àpò. Gínì mẹ́rin ni Alhaja lọ̀ ní ọ̀sán yẹn, Bàbá ń bá wọn wí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pe Alásárì, Bàbá dìde, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n lọ. Bí ìrun ṣe parí báyìí ni wọ́n padà dé, wọn ò dúró fa tẹ̀síbà mọ́.